Ọgbọ̀n Ẹyin Tí Kò Tó

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Oregun. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ṣì ti ń jẹun. Kéèkì la ń ṣe: kéèkì ọjọ́ ìbí, kéèkì ìgbéyàwó, àti àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní igun tó jìnnà jù lọ sí ààrò. Èmi ló ń fọ́ ẹyin, èmi náà ló ń po ohun gbogbo pọ̀. Bí mo bá dúró sídìí tábìlì yẹn, ògiri ló máa ń wà lẹ́yìn mi, mo sì máa ń rí ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ràn kí n máa rí ilẹ̀kùn.

Ó nídìí. Kí n tó dé Oregun, ilé búrẹ́dì kan ní ìhà Agege ni mo wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan gáàsì ń jò níbẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ẹni tó ṣáájú mi wọlé á ti gbóòórùn rẹ̀, á sì ti sọ fún ọ̀gá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mo fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹnì kan ṣáná. Àwa márùn-ún la wà nínú ilé náà, àwa mẹ́ta la jáde. Apá òsì mi ni iná mú, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, awọ ibẹ̀ sì ń dán títí dòní. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ààrò tí ooru rẹ̀ kàn mí lójú, ẹsẹ̀ mi á ti gbéra kí n tó mọ̀.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá wa lọ́jọ́ tó gbà mí síṣẹ́. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, gbogbo wa ń pè é ní Mọ́mì. Ó wo apá mi, kò béèrè ohun tó ṣe é.

“Ṣé o lè fọ́ ẹyin?”

“Mo lè fọ́ ọ, mà.”

“Ó dáa. Ẹyin kì í jóni.”

Àwa mẹ́ta la wà lábẹ́ rẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́. Ọkùnrin kan láti Èkìtì ló ń bójú tó ààrò. Ó kéré sí mi púpọ̀, ó lọ́wọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹnì kejì jẹ́ obìnrin tí ọjọ́ orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òun ló ń fọ páànù, tó ń di kéèkì sínú páálí, tó sì ń lọ ra ẹyin ní Dopemu lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́yin ló ń pè mí. Àlàájà ni èmi náà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fojú kan Mẹ́kà rí. Ó ní kí n máa pè é bẹ́ẹ̀ lọ, pé ohun téèyàn bá ń pè ló ń bọ̀.

Dopemu lèmi àti òun ń gbé, àdúgbò rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí tèmi. Yàrá kan ni mo ní. Èmi nìkan ló wà ńbẹ̀. Láti ìgbà tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Fúráídè títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ lẹ́nu lè má ju “ẹ kú àárọ̀” àti “ẹ kú ilé” lọ. Nítorí náà, bí Àlàájà bá fi aṣọ nu ọwọ́ lọ́sàn-án, tó wọ́ àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, tó ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀, tí mo ṣí tèmi, ìgbà yẹn ni ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ẹ̀wà rẹ̀ máa ń ta jù. Ó ní tèmi ni kò lẹ́mìí.

Kí n sọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àpòpọ̀ kan jẹ́ kílò kan ààbọ̀ fúláwà, kílò kan ààbọ̀ bọ́tà, ṣúgà tí kò tó bẹ́ẹ̀, àti kíréètì ẹyin kan, ìyẹn ọgbọ̀n ẹyin. Fúláwà la ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Bọ́tà la ń gbé sórí òṣùwọ̀n, ṣúgà náà. Ẹyin nìkan la máa ń kà. Bí mo bá sì ti fọ́ ọgbọ̀n náà tán, màá gbé kíréètì tó ṣófo sórí etí fèrèsé, kí Mọ́mì lè kà wọ́n lálẹ́: àpòpọ̀ mẹ́fà, kíréètì mẹ́fà. Ẹni tó wà nídìí tábìlì yìí ṣáájú mi a máa kó ẹyin lọ sílé. Látìgbà náà ni Mọ́mì ti kọ ọ́ sára ògiri, ní lẹ́tà gàdàgbà, lókè orí mi gan-an: KÍRÉÈTÌ KAN, KÒ GBỌDỌ̀ DÍN, KÒ GBỌDỌ̀ LÉ.

Inú abọ́ kékeré ni mo ti ń fọ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó ti bàjẹ́ má baà ba ìyókù jẹ́. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń dà á sínú jọ́ọ̀gù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti na bọ́tà àti ṣúgà títí tó funfun, tó fúyẹ́, ni màá máa da ẹyin inú jọ́ọ̀gù sí i díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà lẹ́ẹ̀kan. Bọ́tà jẹ́ ọ̀rá, omi ló pọ̀ jù nínú ẹyin, ọ̀rá àti omi kì í sì í gbà fún ara wọn. Pupa inú ẹyin ló ń là wọ́n níjà. Bó bá ráyè ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àpòpọ̀ náà á máa dán, á máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Bí wọ́n bá kán an lójú, á di wẹ́lẹwẹ̀lẹ bíi wàrà tó ti bàjẹ́.

Ẹni tó kọ́ mi ní kéèkì máa ń sọ pé fúláwà ni búlọ́ọ̀kù, ẹyin ni sìmẹ́ńtì. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ẹyin tí wọ́n bá nà máa ń gba atẹ́gùn mọ́ra, ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè kà. Bí kéèkì bá dénú ààrò, atẹ́gùn yẹn á fẹ̀, omi inú ẹyin á di ooru, àwọn méjèèjì á máa ti kéèkì sókè. Bó bá ti gòkè tán, ẹyin fúnra rẹ̀ á wá dì, bí ẹyin tí wọ́n sè ṣe ń dì nínú èèpo rẹ̀, á sì di kéèkì mú síbi tó gòkè dé. Bí kò bá sí ohun tó dì í mú, yóò padà wálẹ̀. Ọ̀rá inú pupa ẹyin ló tún ń jẹ́ kó rọ̀ lẹ́nu, tó ń jẹ́ kó ní àwọ̀. Nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí mo kà. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ mi náà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, mo fọ́ kíréètì kan tán, mo wo jọ́ọ̀gù. Ọgbọ̀n ẹyin máa ń kan orí ibi tí wọ́n ti so ọwọ́ jọ́ọ̀gù náà mọ́ ọn. Lọ́jọ́ yẹn kò kàn án. Ó fi bí ìka mẹ́ta sílẹ̀. Mo ka èèpo, ọgbọ̀n ni. Mo mú ẹyin kan nínú kíréètì kejì, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó kéré, ó mọ́ tónítóní, bí ẹyin adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀.

Mo wo ara ògiri lókè orí mi. Kò gbọdọ̀ lé. Bí mo bá fọ́ mẹ́wàá sí i, kíréètì kan á ku ogún ẹyin, Mọ́mì á sì béèrè ibi tí mẹ́wàá gbà lọ. Mo rántí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Mo da ẹyin náà sínú ẹ̀rọ bó ṣe wà.

Lọ́sàn-án, Àlàájà jókòó tì mí, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ẹyin fún un. “Ó ti kó adìẹ àgbà tà. Ọmọge ló kù sí ọgbà rẹ̀ báyìí. Wò ó bí ẹyin wọn ṣe ń dán.”

“Mo rí i,” ni mo wí.

Ohun tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ. Mo rò ó pé bí mo bá ní ẹyin rẹ kéré, á dà bí ẹni pé mò ń ka iṣẹ́ rẹ̀ sí àbùkù. Mo rò pé bóyá kíréètì tó ń bọ̀ á tóbi. Mo rò ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹ̀wà rẹ̀ ta bí ti àtẹ̀yìnwá.

Àpòpọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í le. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbé ìpo ẹ̀rọ sókè, á máa já bọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹ̀kọ tó nípọn. Nísinsìnyí ó ń rọ̀ mọ́ ìpo, mo ní láti gbọ̀n ọ́n kó tó já. Kéèkì tó ti inú ààrò jáde kò ga. Orí rẹ̀ ń sán, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣá. Bí ó bá tutù tán, téèyàn fi ìka kàn án, ẹ̀rún ló ń bá ìka wá.

Ìyá ìjọ kan láti ìjọ Aládùúrà ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ padà. Oníbàárà wa ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Ó gbé páálí kalẹ̀ níwájú Mọ́mì, ó sì ṣí i jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fi ọgbẹ́ hàn dókítà.

“Mọ́mì, ẹ bá mi wò ó. Kéèkì ni mo sanwó fún. Gàrí ni mo bá nínú páálí.”

“Ha, ẹ má bínú, mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Wòólì wa gbé ọ̀bẹ lé e, a ní kó gbàdúrà sí i kó tó gé e. Kò tíì ṣe àmín tí kéèkì fi tú ká. Sùtánà rẹ̀ tó funfun, ẹ wá wo bó ṣe rí. Àwọn ọmọ kékeré ń fi ṣíbí bù ú jẹ.”

Ọkùnrin ìdí ààrò rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó. Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín. Ó dá owó rẹ̀ padà, ó tún bẹ̀ ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin náà ni Mọ́mì kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ó ní iná rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ó ń gbẹ kéèkì. Ọkùnrin náà dín iná kù. Kéèkì kò gbẹ tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó tún kúrú sí i. Ní ọjọ́ kẹta ó wá bá mi nídìí tábìlì.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi bákín páódà díẹ̀ kún un. Bí ẹni tó ń gun òkè kò bá lágbára, ṣebí wọ́n á tì í lẹ́yìn ni.”

Mo fi kún un. Ó gòkè lóòótọ́, ó gòkè débi pé ọkùnrin náà ń jó níwájú gíláàsì ààrò. Lẹ́yìn náà ni àárín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní ojú gbogbo wa, títí ó fi rí bí abọ́. Páódà lè ti kéèkì sókè. Kò lè dì í mú síbẹ̀. Nígbà tí a tọ́ ọ wò, ó korò ní ẹ̀yìn ahọ́n bí ohun tí ọṣẹ kàn.

“Ó gun òkè náà,” ni Àlàájà wí láti ibi tó ti ń fọ páànù. “Ibi tó máa dúró sí ni kò rí.”

Mo mọ ohun tó ń ṣe kéèkì náà. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo sì mú kíréètì tó kàn.

Lọ́jọ́ Fúráídè, kéèkì alájà mẹ́ta kan sán nígbà tí a fẹ́ tò ó. Ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ yà, torí kò lè gbé àwọn tó kù. Mọ́mì pe gbogbo wa jọ. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

“Bí kì í bá ṣe ààrò, ẹ̀rọ ni. Mi ò lè wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ní Mọ́ńdè, ìwọ á bọ́ sídìí ààrò.” Èmi ló ń wò. “Òun á wá sídìí tábìlì. Bí kéèkì bá dáa, a ti mọ ọwọ́ tó ń bà á jẹ́.”

“Mọ́mì, mo sọ fún yín...”

“Mo mọ ohun tó o sọ fún mi. Ó ti pẹ́ tó o sọ ọ́. Bó ò bá lè ṣe é, o lè jókòó sílé.”

Mi ò bínú sí i. Bí ẹlòmíràn bá ń ro ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rò ó. Àmọ́ ọwọ́ mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó sì ń yún mi títí mo fi délé.

Àlàájà bá mi rìn dé ibi tí a ti ń wọkọ̀. Ó ní, “Má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ jù. Màá bá ọ bẹ Mọ́mì. Ará Ìjẹ̀bú bíi tèmi ni, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú.” Mo ní ó ṣeun. Ó tún ní, “Ṣé kò sí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yẹn ṣá? O ò rí nǹkan kan?” Mo ní mi ò rí nǹkan kan.

Mo máa ń gbìyànjú láti rántí ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun kan níbẹ̀ ju kí ọjọ́ náà kọjá lọ.

Ní Sátidé mo lọ sí Dopemu, sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ra ẹyin ńlá márùn-ún àti kékeré márùn-ún. Ẹni tó tà á fún mi ní, “Ìyá, ẹ kúkú mú irú kan.” Mo ní rárá. Nílé mo gbé ife méjì tó dọ́gba kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Ẹyin ńlá márùn-ún tí mo fọ́ kún ife kan dé ẹnu. Kékeré márùn-ún kò kún èkejì. Ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí wọ́n bá jẹ́ ọgbọ̀n, mo ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, ọgbọ̀n kékeré kò ju ẹyin ńlá méjìlélógún lọ. Kì í ṣe pé ẹyin kéèkì náà kàn dín díẹ̀. Ẹyin ńlá mẹ́jọ là ń yọ kúrò nínú àpòpọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ẹyin mẹ́wàá ló wà nílẹ̀, èmi nìkan sì ni mo wà ńbẹ̀. Mo dín in jẹ ní Sátidé, mo dín in jẹ láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo tún dín in jẹ lọ́sàn-án.

Nígbà tí mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti ra ẹyin, mo gba ẹnu àdúgbò Àlàájà kọjá. Mo rí ọmọ rẹ̀ kan tó ń pọn omi. Mo lè yà síbẹ̀. Mo lè ní: Àlàájà, ẹyin tó ò ń rà ti kéré jù, jẹ́ ká jọ lọ sọ fún Mọ́mì, ìwọ àti èmi. Mi ò yà. Mo rò pé bó bá kọ̀, bó bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ tó sì lọ pààrọ̀ ẹyin náà, màá ti pàdánù ẹ̀rí mi, Mọ́ńdè á sì dé bá mi nídìí ààrò.

Mo dé ibi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo dúró de Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ kí i.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí n tó lọ sídìí ààrò. Ẹ bá mi gbé ẹyin sórí òṣùwọ̀n.”

“Báwo ni ẹyin ṣe di ohun tí wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré, mà.”

Ó wò mí, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Mo fọ́ kíréètì kan sínú jọ́ọ̀gù lójú rẹ̀. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kò pé kílò kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Mo ní, “Ti tẹ́lẹ̀ máa ń kan ibí yìí, mà. Mo lérò pé kílò kan ààbọ̀ ni.” Mo sọ ohun tó kù fún un, mo sọ nípa ife méjì.

Kò gbà á bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó ní kí n pín àpòpọ̀ kan sí méjì. Ìlàjì kan, ẹyin kékeré mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí òfin ara ògiri ṣe wí. Ìlàjì kejì, ogún, kí ìwọ̀n wọn lè tó ti ẹyin ńlá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bọ́tà kan náà, fúláwà kan náà, ọwọ́ kan náà. Nígbà tí ọkùnrin ìdí ààrò dé, ó gbé páànù méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, Mọ́mì sì fa àga kan síwájú gíláàsì, ó jókòó, ó ń wò.

Mi ò lọ síbẹ̀. Láti ẹ̀yìn tábìlì ni mo ti ń wo ojú Mọ́mì. Mo rí i nígbà tí orí rẹ̀ ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ohun tó ń gòkè. Èyí tó ní ogún kún páànù, orí rẹ̀ ró rìbìtì, ó pọ́n bí oyin. Èyí tó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó sísàlẹ̀, ó sì sán ní méjì. Mọ́mì kò jẹ́ kí wọ́n tutù dáadáa. Ó gbé ọ̀bẹ lé èyí tó ní ogún, ó gé, ó sì mú gígé náà dání. Ó tẹ̀ ẹ́, kò ya. Ó gé èkejì, ó fọ́n sórí tábìlì.

“Ó mà dáa o,” ni ọkùnrin náà wí. “Èmi ni ẹ sì ní kí n wá máa po ẹyin.”

Mọ́mì gbọn ẹ̀rún kúrò lọ́wọ́. Ó ní, “Ta ló ń ra ẹyin yìí?”

Ó mọ ẹni tó ń rà á. Gbogbo wa mọ̀. Àlàájà ń fọ ọwọ́ níbi omi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sún mọ́ wa.

“Èmi ni, mà.”

“Kí ló dé tó o fi ń ra ẹyin wẹ́wẹ́ fún mi?”

“Ẹyin ni ẹyin, Mọ́mì. Kíréètì ni ẹ ní kí n rà, kíréètì ni mo sì ń rà. Ọgbọ̀n náà ló wà níbẹ̀. Mi ò jẹ ìkankan níbẹ̀.”

“Mi ò ní o jẹ ẹ́.”

Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́, ó dà bí ẹni tó ní ó jẹ ẹ́. Àlàájà yíjú sí mi. Mo rò pé á bínú, mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú rẹ̀. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó gbàgbé síbì kan.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Ó ti ṣe díẹ̀.”

“Ọjọ́ mélòó?”

“Láti ọjọ́ tó o sọ̀rọ̀ adìẹ ọmọge.”

Ó kà á sí ọkàn rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń kà á. “Gbogbo ọ̀sán tí a jọ jókòó. Ní Fúráídè mo bi ọ́ léèrè lójú ọ̀nà.” Ó tún wo kéèkì tó fọ́n sórí tábìlì. “O lè sọ fún mi. Màá ti lọ dá a padà fún ẹni tó tà á.”

Mo ní, “Àlàájà, ẹ̀rù ló bà mí.”

“Èmi?” ni ó wí. “Èmi lo bẹ̀rù?”

Mọ́mì ní kí kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń gbé ẹyin sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n pa ohun tó wà lára ògiri rẹ́, wọ́n kọ ọ́ ní kílò. Mọ́mì kò rán Àlàájà lọ ra ẹyin mọ́. Ọkọ̀ ló ń gbé e wá báyìí, èmi ló ń gbà á, tí mo sì ń wọ̀n ọ́n nínú yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn tábìlì mi. Ẹnikẹ́ni kò tún dárúkọ ààrò fún mi. Kéèkì wa ń dúró. Ìyá ìjọ yẹn ti padà wá.

Àlàájà kò bá mi jà. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi nírọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án ó ń jẹun níta, lórí àpótí, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń kó páálí sí. Mo gbé abọ́ mi jáde lẹ́ẹ̀kan, mo dúró tì í. Ó ní, “Jókòó, ilé gbogbo wa ni,” ó sì sún fún mi. A jẹun. Kò sọ pé ẹ̀wà mi kò lẹ́mìí. Mi ò tún lọ síbẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Mọ́mì nílò ẹni tí á máa tajà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Maryland, Àlàájà ló sì ní òun á lọ. Ó fi àárọ̀ ọjọ́ kan dágbére fún gbogbo wa. Ó dì mọ́ ọkùnrin ìdí ààrò, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó fẹ́ ìyàwó kí ààrò tó fẹ́ ẹ. Ó fọwọ́ kan èjìká mi. “Máa tọ́jú ara rẹ o.”

Ó ku èmi àti ọkùnrin náà, òun sì máa ń jáde lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Mò ń jẹun nídìí tábìlì, ilẹ̀kùn wà lójú mi. Kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ wọlé nírú àkókò yẹn.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n rán mi níṣẹ́ sí ìhà Maryland, mo sì rìn dé iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀. Mo rí i nínú, ó ń di kéèkì fún obìnrin kan, ó sì ń sọ nǹkan tó ń pa ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti inú ọkọ̀: pé mi ò rò pé o lè pa mí lára, pé bí mo ṣe rí ni. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta káàdì ìpè. Mo sọ fún ara mi pé bó bá yíjú síta, màá wọlé.

Obìnrin náà gba páálí rẹ̀, ó jáde. Ẹlòmíràn wọlé. Àlàájà ń nu orí tábìlì, ó ń nù ún lọ láti igun kan dé èkejì. Mo dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò yíjú síta. Mo kọjá sí òdìkejì títì, mo sì wọ ọkọ̀ Oregun.